Bí owó ìpènìyàn sínú áàpù ṣe ń dé ọwọ́ wa ní Kétu

Ibi tí owó ń gbà jáde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kétu máa ń fi í ṣe ìgbẹ̀yìn: a ó ti fi kóòdù tí áàpù fún wa láti fi pe èèyàn ránṣẹ́ sí ẹbí àti ará tán, kí a tó béèrè bí a ṣe máa gba owó ọ̀hún. Ẹ̀bá ààlà là ń gbé, bẹ́ẹ̀ àwọn áàpù kan tó ń gba ìhà Nàìjíríà wá bá wa, náírà ni wọ́n ń san, inú àkáǹtì báǹkì Nàìjíríà ni wọ́n sì ń san án sí, wọ́n á ní kẹ́ni mú BVN wá, nọ́ńbà tí báǹkì ibẹ̀ fi ń dá èèyàn mọ̀. Ẹni tí kò ní ju síìmù Nàìjíríà lọ lè pe èèyàn mẹ́wàá, kí owó náà máa hàn lójú fóònù rẹ̀, kó má sì ríbi gbà á sí. Torí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ Retrait sí. Bí ẹ kò bá rí MTN MoMo tàbí Moov Money ti ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀, ẹ fi áàpù yẹn sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Bon d'achat ni wọ́n kọ, a jẹ́ pé ọjà lẹ máa fi rà, kì í ṣe owó tẹ́ ẹ máa gbà sọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ohun tí wọ́n ń kà sí èèyàn kan. Oníbàárà ni ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ń fi owó wá, kì í ṣe orúkọ lásán. Ìdí nìyẹn tí owó kì í fi í wọlé lọ́jọ́ tẹ́nì kan forúkọ sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ kóòdù yín nígbà ìforúkọsílẹ̀ gan-an, torí ọ̀pọ̀ áàpù kì í gbà á mọ́ tó bá yá. Ó gbọ́dọ̀ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, kó sì ná owó tàbí fi owó ránṣẹ́. Títí dìgbà yẹn, En attente lẹ máa rí. Ìgbà tó bá di Validé ló tó di tiyín.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ta aṣọ lọ́jà ṣe é. Áàpù tirẹ̀ ń san 500 sẹ́fà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni náà bá fi ó kéré tán 2,000 ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò ṣeé gbà jáde títí yóò fi pé 5,000, wọn kì í sì í san ju ti ogún èèyàn lọ. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló pè. Mọ́kànlá tẹ kóòdù rẹ̀, méje péré ló fi owó ránṣẹ́. Ìyẹn jẹ́ 3,500, kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Ó wá lọ bá àwọn mẹ́rin tó kù nílé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ti kọjá fún méjì nínú wọn, àwọn méjì yòókù ṣe é: 4,500. Ẹni tó wá mú kó pé 5,000 ni aránṣọ kan tó máa ń fowó ránṣẹ́ sọ́mọ rẹ̀ ní Kútọnú lóṣooṣù. Irú wọn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, torí wọn á lo áàpù náà bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n yọ 100 lórí owó ìgbàjáde, ó sì ti fi 1,000 sẹ́fà ra mégà. 3,900 ló kù sí i lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ ní ogún èèyàn ló pè tán pátápátá, 10,000 ni òpin rẹ̀.

Ohun tó ń sọ ọ́ di Refusé jù lágbo ilé wa ni fóònù kan ṣoṣo. Ẹ fi fóònù yín forúkọ ìyá yín sílẹ̀, ẹ̀rọ wọn á rí i pé fóònù kan náà ni, á gbà pé ara yín lẹ pè. Wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí oníkálùkù lo fóònù àti síìmù tirẹ̀.

Ti owó ìdápadà, ìyẹn owó díẹ̀ tí áàpù ń dá padà fún yín lórí ohun tẹ́ ẹ bá rà, kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tajà ló ń san nǹkan fún áàpù, áàpù náà á sì fún yín nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dá ọjà padà, owó yẹn á pòórá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró kó tó wọlé. Ẹ wá òdiwọ̀n oṣù rẹ̀: ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí kò gbọ́dọ̀ ju 300 sẹ́fà lọ túmọ̀ sí pé lẹ́yìn ìnáwó 15,000, ẹ kò rí nǹkan kan gbà mọ́ lóṣù yẹn.

Bí áàpù kan bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó lè wọlé, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó tú owó yín sílẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀. Jìbìtì ni.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú ewé Conditions sínú fóònù, torí wọ́n lè yí i padà. Bí owó bá sì ti pé iye tó ṣeé gbà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbà á, kó má bàa kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.