Kátà Ewúrẹ́ àti Otútù Àyà: Ẹ Ya Ẹnu Ẹran Wò

Bí ewúrẹ́ bá ń wúkọ́ tí ikun sì ń dà ní imú rẹ̀, ohun tí a sábà máa ń sọ ní Iléṣà ni pé òtútù ló mú un, a ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò gún un lábẹ́rẹ́. Àrùn méjì ló sábà máa ń farahàn bẹ́ẹ̀. Èkíní ni kátà, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ewúrẹ́ sì ni ó máa ń le mọ́ ju àgùntàn lọ, pàápàá ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa. Èkejì ni otútù àyà, tó sábà jẹ́ pé bakitéríà ló máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn tí òjò bá pa ẹran tàbí tí wọ́n bá há wọn mọ́ inú ọkọ̀.

Ìyá kan ní agboolé kan ní Iléṣà ní ewúrẹ́ méje. Ó ra òbúkọ kan lọ́jà ní Sátidé, ó sì so ó mọ́ àwọn tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà kò fẹnu kan èèpo iṣu mọ́, irun ara rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, omi sì ń dà ní imú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, omi náà ti di ikun tó nípọn, ìpín sì ti lẹ ojú rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo débẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta ló sì ti ń ṣàìsàn. Ìyá náà ní, “Dókítà, ẹ ṣáà bá mi gún wọn lábẹ́rẹ́, òtútù ni.” Mo fi tẹmómítà sí ìdí èyí tó kọ́kọ́ ṣàìsàn, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 41, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le kì í sábà kọjá 40.

Ìgbóná ara nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí pé àrùn méjèèjì ló ń mú un wá. Mo ní kí ọmọkùnrin ilé náà di ewúrẹ́ mú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì ya ẹnu rẹ̀. Kí n tó rí ohunkóhun ni òórùn ti gbà mí nímú. Èrìgì rẹ̀, àjà ẹnu rẹ̀ àti abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun kéékèèké bí ìgbà tí ògì gbẹ mọ́ ara abọ́. Nígbà tí mo fi ìka ra èrìgì náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, awọ ẹnu tó ti jẹrà bá ìka mi jáde. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo débẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ kíyè sí bí àwọn àmì náà ṣe tẹ̀ léra. Nínú kátà, ojú, imú àti ẹnu ló sábà máa ń ṣáájú, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e, kí ikọ́ tó dé. Nínú otútù àyà, ikọ́ àti mímí kíákíá tí ìhà ẹran á máa lọ sókè sódò ni a máa ń kọ́kọ́ rí. Ẹnu rẹ̀ á mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á ṣì rí kóróbótó bó ṣe yẹ, ẹran kan tàbí méjì ló sì sábà máa ń mú. Kátà máa ń ràn káàkiri agbo láàárín ọjọ́ díẹ̀, aboyún inú wọn sì lè ṣẹ́yún.

Ibi tí a ti máa ń ṣìnà, tí èmi náà sì ti ṣìnà rí, ni pé ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, ẹnu lè má tíì ní egbò, kó kàn pọ́n lásán. Nítorí náà, ẹ wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èkejì ni pé kátà máa ń sọ agbára ara di aláìlera, tí otútù àyà á fi gun orí rẹ̀. Bí oògùn apakòkòrò bá mú kí mímí rẹ̀ dẹ̀, ìyẹn kò sọ pé kì í ṣe kátà, nítorí pé oògùn náà kò lè pa fáírọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá rí egbò ẹnu, ẹ ya ẹran náà sọ́tọ̀, ẹ má tà á, ẹ má dà á síta, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín, kó lè fi òwú gba omi ojú àti imú fún àyẹ̀wò nígbà tí ara ẹran ṣì gbóná. Ẹ máa fún un ní omi pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀, àti oúnjẹ tó rọ̀. Àrùn náà kì í ran ènìyàn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, mílílítà 1 lábẹ́ awọ, máa ń dáàbò bo ẹran fún bí ọdún mẹ́ta. Inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà títí di ìgbà tí a óò pò ó, kò sì wo èyí tó ti ń ṣàìsàn.

Mẹ́rin kú nínú ewúrẹ́ méje ìyá náà. Àwọn mẹ́ta tó yè ní èépá lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n kátà kò tún lè mú wọn mọ́. Ẹran tó rà lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló so ó sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀ kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.