Ó ń sùn lóòótọ́, àmọ́ ìdájí ló ń gé: ìbéèrè akáǹtì kan láti Mararaba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Mararaba ni mò ń gbé, Wuse ní Abuja ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akáǹtì. Mo máa ń sùn ní 11:30 alẹ́, álámù á jí mi ní 4:15 kí n lè tètè kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya. Àṣìṣe mi ti wá ń pọ̀ jù, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ 540,000 síbi tó yẹ kí n kọ 450,000, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta mi ò rí i. Ṣé oorun yẹn ò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó àbúrò mi, àmọ́ ibi tó o ti ń gé e gan-an ló ń dà mí láàmú. Oorun kì í rí bákan náà látalẹ́ dàárọ̀. Wàá kọ́kọ́ tòògbé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí wọ́n bá pè ẹ́ nígbà yẹn wàá ní o ò tíì sùn. Lẹ́yìn náà lo máa wọ oorun fẹ́lẹ́, òun la máa ń sùn jù lóru, kó tó wá kan àsùnwọra, tí wọ́n lè tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ kó o má mọ̀. Láti ibẹ̀ ni oorun á tún máa gòkè bọ̀ títí á fi dé oorun àlá, èyí táwọn dókítà ń pè ní rẹ́ẹ̀mù. Ìyípo kan nìyẹn, ó máa ń gbà tó 90 ìṣẹ́jú, kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kì í pín dọ́gba o. Àsùnwọra ló ń jẹ ìbẹ̀rẹ̀ òru, rẹ́ẹ̀mù ló ni ìdájí. Jẹ́ ká ṣírò tìẹ, ṣebí akáǹtì ni ẹ́. Ìyípo àkọ́kọ́ parí ní 1:00, rẹ́ẹ̀mù inú ẹ̀ ò ju bíi ìṣẹ́jú 10 lọ. Èkejì parí ní 2:30, ká ní 15. Ẹ̀kẹta parí ní 4:00, ká fún un ní 25. Àpapọ̀ 50, álámù sì ti dún. Ká ní o sùn di 7:00 ni, ìyípo méjì tó kù yẹn, rẹ́ẹ̀mù inú ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdíwọ̀n lásán ni o, ara ò rí bákan náà, àmọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: oorun tó o gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ díẹ̀, rẹ́ẹ̀mù tó bá a lọ sì ju ìdajì lọ.

Ìbéèrè: Ṣé rẹ́ẹ̀mù yẹn kì í ṣe àlá lásán ni? Kí ni ọpọlọ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Wo ọmọ ìkókó tó ń sùn, wàá rí i tí ẹyinjú ẹ̀ ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú, tó á tún rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí méjì, Aserinsky àti Kleitman, kọ jáde ní Chicago lọ́dún 1953 nìyẹn, ojú tó ń sáré yẹn ni wọ́n sì fi sọ oorun náà lórúkọ. Tí wọ́n bá lẹ wáyà mọ́ orí ẹni tó wà nínú ẹ̀, ìlà tí ẹ̀rọ máa fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tẹni tó lajú sílẹ̀. Apá ọpọlọ tó ń ṣe ìbẹ̀rù àti ìdùnnú á máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan, èyí tó wà níwájú orí, tó máa ń bi wá pé "ṣé nǹkan yìí bọ́gbọ́n mu báyìí?", ni yóò rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí màmá àgbà tó ti kú ní Ìlọrin á fi máa ta ẹja fún ẹ ní ọjà Wuse, kò sì ní yà ẹ́ lẹ́nu, owó ẹja lo máa máa ná.

Nǹkan kejì tó ń ṣe ni pé ó máa ti ara pa. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni àṣẹ ti ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ pé kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ má dá ara wọn lóhùn, kó o má baà dìde máa sá tẹ̀lé àlá. Mímí àti ojú nìkan ni wọn kì í tì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan nǹkan kan o. Sátidé ni mo máa ń sùn di aago 9 tàbí 10. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣẹlẹ̀ pé mo lajú, mò ń rí yàrá mi, mi ò lè mira, mi ò lè pariwo, ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà. Àǹtí mi ní ogun òru ni, kí n lọ gbàdúrà.

Ìdáhùn: Mi ò bá àǹtí jà, gba àdúrà ẹ. Àmọ́ títì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni: o jí nínú rẹ́ẹ̀mù, ojú ti là, kọ́kọ́rọ́ ò tíì ṣí. Àlá tún ń bá ẹ wọ ojú ayé, òun ló ń jókòó sáyà yẹn. Kì í pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kì í sì í pa èèyàn. Sátidé ló ń ṣẹlẹ̀ torí pé gbèsè rẹ́ẹ̀mù ọ̀sẹ̀ ni ara ń sáré san, tó o bá tún wá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ó máa ń pọ̀ sí i. Má jà, mí díẹ̀díẹ̀, yí ojú ẹ sọ́tùn-ún sósì, gbìyànjú láti mi ìka kan péré. Kó o sì máa fẹ̀gbẹ́ sùn.

Ìbéèrè: Àmọ́ mi ò kì í tòògbé lọ́fíìsì o, ó ti mọ́ mi lára. Góòrò tí mò ń rà ní páàkì ń gbé mi.

Ìdáhùn: Àwọn kan ní Yunifásítì Pẹnsilféníà dán èyí wò, ọdún 2003 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn tó ń sùn wákàtí 6 tàbí 4 lóru fún ọjọ́ 14 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò fojú kan oorun rárá fún òru kan sí méjì, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 45 lò ń sùn. Kì í ṣe ìgbà tó o bá tòògbé nìkan ni nǹkan bà jẹ́. Ọpọlọ á kàn ṣẹ́jú fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, ojú wà lórí 540,000, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kà á nínú orí. Ó ti ṣe èmi náà rí nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ níbì kan, mo kọ ìwọ̀n ooru ara aláìsàn bẹ́ẹ̀dì 6 sí ti bẹ́ẹ̀dì 9, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ń fi ìgbéraga sọ pé ojú mi dá.

Góòrò ní kaféènì, ó ń bo àmì àárẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kò san gbèsè. Ìdajì ohun tó o jẹ ní 5:00 ìrọ̀lẹ́ lè ṣì wà lára ẹ ní aago 10 alẹ́, má jẹ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn 12:00 ọ̀sán.

Tó o bá ṣì gbọ́dọ̀ jí ní 4:15, orí alẹ́ la máa kọjú sí. Fi ìṣẹ́jú 30 fa àsìkò oorun sẹ́yìn lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí á fi dé 9:15, Sátidé náà má kọjá 6:00 lórí bẹ́ẹ̀dì, tó bá ń rẹ̀ ẹ́ o lè fi ìṣẹ́jú 20 rẹjú lọ́sàn-án. Tí aago ara bá ti tẹ̀lé ẹ bẹ́ẹ̀, rẹ́ẹ̀mù ìdájí á bọ́ sí kí 4:15 tó lù. Kó tó di ìgbà yẹn, ka owó láti ẹ̀yìn wá síwájú sókè kó o gbọ́, kí ẹlòmíì tún wò ó, má sì wa mọ́tò lọ sílé.

Ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó o bá ti ń sùn wákàtí 7 tí oorun ò tíì kúrò lójú ẹ, bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé bá ní o máa ń han-run tí èémí á sì dúró, tàbí tí orúnkún ẹ ń yẹ̀ nígbà tó o bá ń rẹ́rìn-ín, gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, àìsàn oorun nìyẹn lè jẹ́, álámù kọ́ ló fà á.