Bí mo ṣe sọ àwàdà "oko mi" fún àwọn àna tó ń sọ Haúsá

Alhájì kan, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Kubwa l'Ábújá, fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọmọkùnrin ará Sáríà kan, èmi ni wọ́n sì ní kí n darí ètò lọ́jọ́ àpèjẹ. Nígbà tí a jókòó láti to ètò, gbogbo rẹ̀ ni Alhájì fi sílẹ̀ fún mi, àfi ohun kan. Ó ní àwàdà kan wà tí òun fẹ́ràn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí àwọn àna òun sì rẹ́rìn-ín sí i bí àwọn ará ilé òun. "Mi ò fẹ́ kó o sọ ọ́ ní Yorùbá tán, kó o wá máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bíi tíṣà," bó ṣe wí nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé, "Ó dáa, Alhájì, ẹ fi sí mi lọ́wọ́."

Àwàdà ọ̀hún rèé. Ìyàwó ilé kan fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀. Ó tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó máa ń bá èèyàn ta mọ́tò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìyá ọkọ rẹ̀ ló bọ́ sí. Bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù náà lòun ṣe tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀:

"E jowo, oko mi n daamu mi. O ti gbo. Ti ile ba mo, afi ki won ti i ko too gbera. To ba wa gbera tan, eefin lo maa n tu. Mo fe ta a, ki n fi owo re ra tuntun."

Ìyá kà á, ó pe "ọkọ" mọ́ ọn, ó kó ẹbí jọ, wọ́n gba ilé náà lọ. Bó ṣe wọlé, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó ni pé: "Èmi ni mo bí i. Tó bá di pé a fẹ́ tà á, èmi ló yẹ kó o kọ́kọ́ fi lọ̀."

Kí n tó ronú kan Haúsá rárá, mo kọ́kọ́ wò ó pé kí ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lójú ìwé, ọkọ àti ọkọ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ tọ́ka sí, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó rán: "o ti gbo" bá mọ́tò mu, ó bá baálé ilé mu, títì láàárọ̀ bá méjèèjì mu, èéfín náà ńkọ́, ẹni tó ń mu sìgá mọ̀ pé òun ni. Tí gbólóhùn kan ṣoṣo bá bá mọ́tò nìkan mu, ìyá ọkọ ì bá ti mọ̀, àwàdà náà á sì tú. Èyí tó tún jinlẹ̀ jù ni pé àwa tí à ń gbọ́ ọ ti mọ̀ pé mọ́tò ni, ìyá ni kò mọ̀. Ohun tí à ń dúró dè ni ìgbà tó máa dé ẹnu ọ̀nà. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ pé òun ni mo gbọ́dọ̀ gbé kọjá sí Haúsá, bí n kò bá tiẹ̀ gbé mọ́tò kọjá.

Mọ́tò kò sì ṣeé gbé. Ọkọ ìyàwó ni miji lédè Haúsá, mọ́tò ni mota. Kò sí ẹni tó máa ṣi ọ̀kan kà sí èkejì. Mo ní kí n yọ orúkọ nǹkan náà kúrò, kí n kàn sọ pé "ó ti gbó", níwọ̀n ìgbà tí "ó" tiwa kò ti yàtọ̀ sí akọ tàbí abo, sí èèyàn tàbí irin. Haúsá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ abo ni wọ́n ka mota sí, "ta" ló sì máa bá a rìn. "Ya" ni ti ọkọ. Kí ìyàwó tó sọ pé nǹkan náà gbó, èdè ti tú u fó pé irú nǹkan wo ni. Níbẹ̀ ni mo ti fi mọ́tò sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tó ṣí ọ̀nà fún mi ni pé Haúsá náà ń lo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ wọn kì í kọ àmì rẹ̀ sínú ìwé, ì báà jẹ́ lórí fóònù tàbí nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀rọ tó wà nídìí àwàdà Alhájì wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ó kù kí n rí ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n ń kọ bákan náà, tí èèyàn sì lè fi ẹjọ́ ilé sùn nínú méjèèjì. "Fari" wà: funfun ni, ọ̀dá òjò sì ni. "Wuya" wà: ọrùn ni, ìyà sì ni. Kò sí èyí tó wọlé tọkọtaya nínú méjèèjì. "Kuka" ló wọlé. Tí o bá gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀mejèèjì, kúká, ẹkún ni. Tí o bá rẹ ìkejì sílẹ̀, kúkà, igi osè ni, igi tí à ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀ tí àwọn ń pè ní miyar kuka, tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní lúrú.

Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i, nítorí ọmọ Ìlọrin ni ìyàwó. Kò sí ẹni tó máa ní irọ́ ni bí ọmọ Ìlọrin bá ń se lúrú fún ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sì bu ẹnikẹ́ni kù: ọmọge kan fẹ́ tẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, oúnjẹ ilé wọn tó sì mọ̀ ọ́n sè jù ló ń sè, láàárọ̀, lálẹ́. Ọkọ rẹ̀ wá tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àgbà ilé:

"Tun da na yi aure, kullum kuka. Safe kuka, dare kuka. Ranar Juma'a ma kuka. Na gaji."

Ìyẹn ni pé látìgbà tóun ti gbéyàwó, ojoojúmọ́ ni. Òwúrọ̀ ni, alẹ́ ni, lọ́jọ́ Jímọ́ pàápàá. Ó ti sú òun. Gbogbo rẹ̀ bá ẹkún mu, gbogbo rẹ̀ bá ọbẹ̀ mu. Níbí, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ó máa ń wu ẹni tó ń sọ Haúsá láti fi "ne" tàbí "ce" parí irú gbólóhùn báyìí, bí àwa ṣe ń sọ pé "ni". Ṣùgbọ́n akọ ni ẹkún lójú Haúsá, abo ni igi osè. Tí o bá ní "kuka ne", ẹkún nìkan ló kù. Tí o bá ní "kuka ce", ọbẹ̀ ti já síta. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn náà fi parí sórí kuka gan-an, láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì dùn létí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín ló kẹ́yìn.

Mo gbé e lọ fún Hàjíyà kan ládùúgbò wa, ọmọ bíbí Kánò, kó bá mi gbọ́ ọ. Èdè rẹ̀ kò kọ ọ́ lẹ́nu, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló kọ̀. Bàbá ọkọ ni mo fi ṣe ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Hàjíyà ní rárá, ìtìjú tó wà láàárín bàbá ọkọ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù. Tí mo bá fi bàbá ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ìbátan rẹ̀, ojú wọn máa wálẹ̀ ni, wọn ò ní rẹ́rìn-ín. "Fi bàbá àgbà sí i," ó ní. Láàárín bàbá àgbà àti ọmọ ọmọ ni Haúsá ti máa ń ṣàwàdà láìsí pé ẹnikẹ́ni bínú. Kaka ni wọ́n ń pe bàbá àgbà. Mo fi Kaka bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, "Kaka, tun da na yi aure, kullum kuka," ni Hàjíyà bá bú sẹ́rìn-ín kí n tó dé òpin. Kaka àti kuka ń lu ara wọn létí. Yorùbá Alhájì kò ní ìyẹn, ẹ̀bùn tí Haúsá fún mi ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé ta ló mọ̀, ta ni kò mọ̀. Lẹ́nu, èèyàn kò lè sọ kuka kó má yan ohùn kan. Nítorí náà, mo fi ìyàwó sí ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, tó ń ra garin kuka, ìyẹn ewé osè gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀. Mo pè é dáadáa pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Gbọ̀ngán ti mọ̀ pé ọbẹ̀ ni. Nígbà tí Kaka gbé fóònù sójú, ohùn Kaka ni mo fi kà á, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sókè: kúká, kúká, kúká. Àwọn ló mọ̀, Kaka ni kò mọ̀, bí ìyá ọkọ kò ṣe mọ̀ ti mọ́tò.

Kaka wọ mọ́tò láti Sáríà, ó kó àwọn àgbà méjì dání, ó ti ń to ọ̀rọ̀ ìlàjà lẹ́nu. Wọ́n dé, ìyàwó kúnlẹ̀ kí wọn, kò sunkún kankan, ó gbé tuwo àti ọbẹ̀ sílẹ̀. Kaka tọ́ ọ wò, ó dákẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó bèèrè òmíràn. Ó wá ní kí ọmọ ọmọ òun bá òun tẹ iṣẹ́ sí ìyàwó òun nílé: "Ku bar ni a nan. Ni ma, sai kuka." Ẹ fi mí sílẹ̀ síbí, èmi náà, kuka nìkan. Mo dánu dúró díẹ̀, mo wá fi ohùn ìyá àgbà kà á ní Sáríà: kúká!

Haúsá ni mo kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ náà, kí n tó sọ ti Yorùbá. Tí ẹbí ìyàwó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ohun tí àwọn àna kò gbọ́, àwọn àna lè rò pé àwọn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ Haúsá, àwọn yìí ni ẹ̀rù wọn bà mí jù, nítorí wọ́n máa gbọ́ àwàdà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò ṣe yàtọ̀ sí ọbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà méjèèjì. Àwọn tó kọ́ Haúsá wọn ní ọjà Wuse àti Nyanya kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn nígbà tí Kaka ń kà á. Ìgbà tí abọ́ ọbẹ̀ dé ni ó yé wọn. Fún irú wọn, ó dára pé abọ́ náà wà nínú ìtàn.

Ẹ̀rín méjèèjì kò rí bákan náà. Ti Yorùbá ń já díẹ̀díẹ̀ bí gbólóhùn ṣe ń tẹ̀lé gbólóhùn, ó sì ga jù lórí èéfín. Ti Haúsá falẹ̀ láàárín, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá, ó wá ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ìyá àgbà kà á. N kò rí nǹkan tó ṣe déédéé pẹ̀lú èéfín lédè Haúsá, n kò sì fi ipá wá a. Nígbà tí mo dé orí tábìlì Alhájì, bàbá ọkọ ìyàwó ti ń fi ọ̀rọ̀ "sai kuka" bèèrè lọ́wọ́ Alhájì bóyá lúrú wà lára oúnjẹ ọjọ́ náà.