Ìdagẹ̀rẹ́ Páìpù Ilé Ìgbẹ́: Kí Omi Má Baà Sá Fi Ìdọ̀tí Sílẹ̀

Ní Akúrẹ́, níbi tí ilẹ̀ bá ti dà bíi ti Òkè-Àró, ọ̀pọ̀ onílé máa ń jẹ́ kí páìpù tẹ̀lé bí ilẹ̀ ṣe dà. Wọ́n ní bó bá ṣe dà tó ni omi yóò ṣe yára tó. Omi yóò yára lóòótọ́, àmọ́ ìgbẹ́ àti bébà kì í fìgbà gbogbo bá a sáré. Omi tó jinlẹ̀ díẹ̀ ló ń gbé wọn. Bí páìpù bá dà jù tí omi ò sì pọ̀, omi á fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀ páìpù, á ṣàn lọ, ìgbẹ́ sì lè gbẹ síbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń fi kọ́ọ̀pù da omi díẹ̀díẹ̀ ni èyí ti ń yọni lẹ́nu jù. Bí kò bá sì dà tó, ohun gbogbo á rọ̀ sílẹ̀.

Fún páìpù ínṣì 4, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 lórí mítà kan. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí omi ìfọ̀ sì lágbára, ó lè jẹ́ 1.25, àmọ́ ẹ má ṣe dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí sọ́kàwéè rẹ̀ jìn sí i ní mítà 8, tí ilẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 100 lọ sílẹ̀ láàárín wọn. Sẹ̀ǹtímítà 20 péré ni páìpù nílò. Ẹ pín 80 tó ṣẹ́ kù sọ́nà méjì: kí páìpù já lóòró ní 40 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kó rìn mítà 4 kó sì fi 10 lọ sílẹ̀, kó tún já lóòró ní 40, kó sì rìn mítà 4 yòókù bákan náà. Bí páìpù bá jáde nílé ní jíjìn 50, kòtò yín kò ní jìn ju 90 lọ. Bí ẹ bá já gbogbo 80 lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò gbẹ́ 130, ẹ sì lè kan àpáta. Ẹ fi ìdérí tó ṣeé ṣí sí orí ibi tó ti já kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fi ojú wọn ìdagẹ̀rẹ́. Ẹ kan èèkàn sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin mítà 4 náà, kí ẹ na rọ́bà tó ń fi inú hàn, tó kún fún omi, láàárín wọn. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí lórí èèkàn méjèèjì, ọgbọọgba ni. Ẹ sàmì síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120 láti àmì dé ìsàlẹ̀ páìpù lókè, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 130 nísàlẹ̀, àti 125 láàárín. Láàárín yẹn ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù, nítorí iyanrìn abẹ́ páìpù máa ń rì, páìpù á sì tẹ ikùn. Ẹ gún iyanrìn náà dáadáa, kí ẹ sì gbẹ́ àyè fún ẹnu páìpù tó nípọn kó má baà gbé e dìde.

Kí ẹ tó da erùpẹ̀ bò ó, ẹ da omi sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí omi tó dúró lójú kan, ibẹ̀ ló tẹ ikùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ju bébà tútù sínú ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ da garawa omi kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá kù sọ́nà, ẹ da garawa kejì. Bí ìyẹn náà ò bá gbé e jáde, ẹ tú páìpù náà, kí ẹ tún un wọ̀n.