Bí A Ṣe Ń To Oyè Nínú Lẹ́tà: Olóyè, Prof., Dr. àti Engr.

Tẹ́ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà ní Lágere, nílùú Ifẹ̀ níbí, ẹ ò ní pẹ́ rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Olóyè, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà, Ẹnjiníà Lágbájá wa ọ̀wọ́n". Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bàbá ni o, ṣùgbọ́n kọ́mà tó ń já wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn ti sọ ọ́ di pé èèyàn mẹ́rin ló ń kí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe é. Ká ní Bọ́lá Lágbájá jẹ́ ọmọ Iléṣà, ó gba oyè PhD, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹnjiníà ní OAU, COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, fún un ní láísẹ́ńsì, ó sì jẹ́ félò ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, ìyẹn FNSE, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í jẹ oyè Bọ̀bajírò. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wọn wá fẹ́ kí wọ́n ṣe alága ọjọ́ ìkówójọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ibi méjì ni oyè ti ń jáde nínú lẹ́tà, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba. Àdírẹ́sì lókè ló lè gba gbogbo oyè, ibi ìkíni nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹyọ kan péré ló ń gbà. Báyìí la máa tẹ àdírẹ́sì:

```
Olóyè (Engr. Prof.) Bọ́lá Lágbájá, FNSE,
Bọ̀bajírò,
Iléṣà.
```

Oyè ìlú ló ṣáájú, ìdí nìyẹn tí Olóyè fi wà níwájú, ti iṣẹ́ àti ti yunifásítì wá wọ inú bírákẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí kọ́mà láàárín oyè àti orúkọ níbì kankan, ẹ̀yìn orúkọ ni kọ́mà bẹ̀rẹ̀, kí FNSE tó wọlé, torí oyè tí a gé kúrú tó ń tẹ̀lé orúkọ gbọ́dọ̀ ní kọ́mà níwájú. Orúkọ oyè gan-an, ìyẹn Bọ̀bajírò, ìlà tiẹ̀ ló ń gbà.

Ẹ tún rí i pé kò sí Dr. níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Prof. ti gbé Dr. mì. Àwọn ará Jámánì máa ń kọ méjèèjì pọ̀, Prof. Dr., àṣà tiwọn nìyẹn. Rídà ní yunifásítì ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, Dr. lẹ máa kọ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ Dr. síwájú kẹ́ẹ tún kọ PhD sẹ́yìn, ohun kan náà lẹ sọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ẹ mú ọ̀kan.

Ní ti àmì ìdánudúró, Prof. máa ń ní i torí a gé ìdí ọ̀rọ̀ náà kúrò. Dr ní tiẹ̀, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ará Bìrìtìkó kì í sábà fi àmì sí i, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni Engr ṣe rí. Èyí tó bá wù yín ni kẹ́ẹ mú, ṣùgbọ́n ẹ má kọ Dr. lókè kẹ́ẹ tún kọ Dr nísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an lojú òǹkàwé ń já sí.

Ó wá ku ìkíni, èyí tó sábà máa ń dàrú. Ẹ bi ara yín pé kí ló gbé lẹ́tà yìí wá sọ́dọ̀ wọn? Ètò ìlú ni, torí náà:

```
Olóyè Lágbájá wa ọ̀wọ́n,
```

Ká ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn ni lẹ́tà ti ń bọ̀ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá la ó kọ, tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹnjiníà, Ẹnjiníà Lágbájá. Orúkọ ìdílé nìkan ló ń tẹ̀lé oyè níbí, Bọ́lá ò sí níbẹ̀ mọ́, kọ́mà ẹyọ kan ló sì ń pa ìlà náà dé. Tó bá jẹ́ ìyáàfin ni, ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ Prof. (Mrs.) sórí àdírẹ́sì, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ yọ bírákẹ́ẹ̀tì yẹn níbi ìkíni, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tó.

Ọba ò sí nínú gbogbo èyí. Bí kábíyèsí bá tilẹ̀ ní PhD mẹ́ta, "Kábíyèsí," la fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sí orúkọ níbẹ̀.

Kẹ́ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ wá lẹ́tà tàbí káàdì tí ẹni náà fọwọ́ ara wọn sí. Àwọn ẹnjiníà kan máa ń fi Engr. ṣáájú Prof., àwọn mìíràn ń fi Prof. ṣáájú, àwọn míì tiẹ̀ wà tí wọn ò fẹ́ kẹ́ẹ pe àwọn ní Olóyè rárá. Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ fúnra wọn ni kẹ́ẹ kọ ọ́, kódà tó bá yàtọ̀ sí ètò tí mo tò sókè yìí.