Ibi tí àwọn oníbàárà ti ń sá lórí ojú ìwé ìtajà mi

Tìmùtìmù ìjókòó kan ṣoṣo ni mo ń tà lórí ojú ìwé yẹn. Àwọn èèyàn ń kà á dé ìsàlẹ̀, wọn ò rà á. Mo kọ́kọ́ rò pé owó ló wọ́n.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan pé kó kà á sókè lórí fóònù rẹ̀ níwájú mi. Àkọlé ni “Tìmùtìmù tó dára jù lọ”. Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Mo yí i sí “Fún ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ìdí ń ro.”

Ó ń kà á lọ, àmọ́ bó ṣe dé ibi bọ́tìnì tí èèyàn á tẹ̀ láti rà á, ó dákẹ́. Ó ní, “Tí kò bá wá bá àga mi mu ńkọ́?” Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìdánilójú tí mo fún oníbàárà kò ju “ìtẹ́lọ́rùn yín jẹ wá lógún” lọ, òkè pátápátá ló sì wà. Mo kọ ọ́ báyìí, mo gbé e sí abẹ́ bọ́tìnì:

“Lò ó fún ọjọ́ 30. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dá a padà, kódà bí o ti jókòó lé e. Àwa la máa san owó ìfiránṣẹ́. Owó rẹ á padà láàárín ọjọ́ 5.”

Mo ti rí i dájú pé mo lè mú un ṣẹ kí n tó kọ ọ́.

Bọ́tìnì tó ń jẹ́ “Tẹ̀ síwájú” di “Fi tìmùtìmù mi ránṣẹ́”. Mo yọ gbogbo líǹkì tó ń gbé èèyàn lọ síbòmíì.

Wọ́n ti ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo yí gbogbo rẹ̀ padà, n ò lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù.