Ojú là ṣùgbọ́n ara ò tíì jí: àṣìṣe táwọn èèyàn ń ṣe pẹ̀lú ẹ́nájì dírìnkì àti oògùn tó ń fa oorun

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ò tán lẹ́nu àwọn tó ń wá ra oògùn lọ́wọ́ wa ní fámásì: "Tó bá fẹ́ kùn mí lóorun, màá kàn fi ẹ́nájì dírìnkì kan lé e." Ẹni tó lo Fálíọ́ọ̀mù lálẹ́ kó lè rí oorun sùn tó sì fẹ́ wakọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń lo Píríítìn nítorí ọ̀fìnkìn tó sì ní iṣẹ́ alẹ́, gbogbo wọn ló gbà pé oògùn ń fa oorun, kaféènì inú ẹ́nájì dírìnkì ń lé oorun, ọ̀kan ti pa èkejì, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ibi tí àṣìṣe yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bá a ṣe ń ṣe wàhálà látàárọ̀, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní adẹnosíìnì tó ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, òun ló ń jẹ́ kó máa rẹ̀ wá kójú sì máa wúwo. Kaféènì á wá lọ jókòó síbi tó yẹ kí adẹnosíìnì jókòó sí. Kò lé oorun lọ o, ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta ni, oorun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ tó ń retí ìgbà tí wọ́n á ṣí i. Fálíọ́ọ̀mù, Lẹ́sótáànì àtàwọn ẹbí wọn ò sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé rárá, ọ̀dọ̀ nǹkan míì tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, tó ń jẹ́ GABA, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tiwọn. Píríítìn náà ní ọ̀nà tiẹ̀, hístámíìnì tó ń jẹ́ kójú wa dá ló ń dí lọ́wọ́. Torí náà téèyàn bá mu kaféènì lé wọn, ojú á là, ẹnu á dá ṣáṣá, àmọ́ ọwọ́ tó ń lọ́ra, ìrántí tó ń já láàárín, ọpọlọ tí ò lè bójú tó nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé kaféènì ò ṣe nǹkan kan o, ó máa ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tí oògùn mú lọ. Kì í dá gbogbo ẹ̀ padà ni, ohun tó sì ń tètè dá padà jù ni bó ṣe ń ṣe wá lára. Ẹ ò rí i pé wàhálà gangan nìyẹn, ẹni tí oorun ń kùn mọ̀ pé oorun ń kùn òun, á páàkì, àmọ́ ẹni tójú ẹ̀ là yìí ò rídìí tó fi máa páàkì.

Ẹ jẹ́ ká mú dẹ́rẹ́bà kan, ká pè é ní Bọ̀dá Múfú, tó fẹ́ gbé èrò láti Ọjọ́ta lọ sí Ìlọrin. Oorun ò wá lálẹ́, ló bá lo Fálíọ́ọ̀mù mílígíráàmù 10 ní aago 11. Ó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ojú wúwo bí nǹkan míì, ló bá ra ẹ́nájì dírìnkì ńlá, èyí tó tó mílílítà 500, ó mu ún tán ní aago márùn-ún. Irú agolo yẹn sábà máa ń ní kaféènì tó tó mílígíráàmù 160 (ẹ wo ẹ̀yìn agolo, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀). Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kaféènì yẹn á ti kún inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde sí ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì, Bọ̀dá Múfú ti ń bá rédíò jiyàn, ó ń pa èrò lẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa sọ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n Fálíọ́ọ̀mù ńkọ́? Kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, ó lè gba ogún wákàtí, ó lè gba ọjọ́ méjì, lára àgbàlagbà ó tún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ sì tún máa ń sọ ọ́ di nǹkan míì tóun náà ń fa oorun tó sì ń pẹ́ ju òun fúnra ẹ̀. Ìyẹn ni pé ní aago mẹ́fà àárọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó lò lálẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Kaféènì ní tiẹ̀, bíi wákàtí márùn-ún ni ìdajì ẹ̀ fi ń lọ. Tó bá wá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí oòrùn ti mú, tí wọ́n ti ń sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, kaféènì ti ń wálẹ̀, oorun tó ti ń dúró síta látàárọ̀ ń wọlé bọ̀, ó sì bá oògùn tí ò kúrò nílé rí.

Ẹ tún fi ìṣirò kan kún un. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, bíi mítà 28 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tí oògùn bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ Bọ̀dá Múfú fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, mọ́tò ti fi mítà 14 lọ síwájú kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó danfo mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Tírélà tó dúró sójú ọ̀nà láìtan iná ò ní sún sẹ́yìn torí pé ojú dẹ́rẹ́bà là.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni pé ojú la fi ń wọn ara wa. "Oorun ò kùn mí mọ́" ò túmọ̀ sí pé o lè wakọ̀. Lọ́dún 2013, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dín oògùn oorun sọ́píídẹ̀ẹ̀mù táwọn obìnrin ń lò kù láti mílígíráàmù 10 sí 5, torí wọ́n rí i pé ó ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì débi tó lè ba wíwakọ̀ jẹ́, wọ́n sì kìlọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kódà téèyàn bá rò pé òun ti jí dáadáa. Ohun tó yẹ ká máa wò ni ìṣe. O ti kọjá Ogèrè, o ò sì rántí ìgbà tó o kọjá ibẹ̀. Táyà ń gun ìlà funfun. Gbogbo bíréèkì tó ò ń tẹ̀ ló ń jẹ́ òjijì. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ, o ní kí wọ́n tún un sọ. Àmọ́ oògùn kan náà ló ń rẹ làákàyè tó yẹ kó rí nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, torí náà ẹni tó jókòó tì ẹ́ ló máa kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ìwọ. Tó bá ní kó o páàkì, jọ̀ọ́ má bá a jiyàn.

Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé oògùn tó ń fa oorun làwọn lò. Píríítìn ni táblẹ́ẹ̀tì kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí gbogbo ilé ní, àmọ́ ó lè wà lára di ọjọ́ kejì. Fẹnẹ́gáànì táwọn kan ń lò kí wọ́n má bàa bì nínú mọ́tò, òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ lágbára ju Píríítìn lọ. Ẹ wá lọ wo ẹ̀yìn sírọ́ọ̀bù ikọ́ àti táblẹ́ẹ̀tì ọ̀fìnkìn, irú Píríítìn yẹn náà wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó lo méjèèjì pọ̀ ti lo oògùn kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Tó bá jẹ́ pé ara yíyún tàbí ọ̀fìnkìn ni, ẹ béèrè lọ́ratadíìnì, òun kì í sábà fa oorun tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíì á ní agolo kan ò ràn án, á wá máa kún un. Á mu kọfí nílé, á jẹ obì ní gáréèjì (kaféènì wà nínú obì o, ẹ kà á mọ́ ọn), á tún wá ra agolo méjì lójú ọ̀nà. Àgbàlagbà tára ẹ̀ le ò yẹ kó kọjá nǹkan bíi mílígíráàmù 400 lójúmọ́, ẹni yìí á sì ti kọjá ẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oògùn alẹ́ àná ò sì tíì kúrò ńbẹ̀, ìṣòro ti wá di méjì. Tó bá délé lálẹ́, kaféènì ò ní jẹ́ kó sùn, á tún lo Fálíọ́ọ̀mù, bóyá méjì lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń bọ́ sínú ẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá Fálíọ́ọ̀mù dúró lójijì o, wárápá lè tẹ̀ lé e, dókítà ló máa bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ti ọtí àti ẹ́nájì dírìnkì tí wọ́n ń pò pọ̀ kò yàtọ̀. Lọ́dún 2010, FDA kọ̀wé ìkìlọ̀ sí iléeṣẹ́ mẹ́rin tó ń ta ọtí tí wọ́n po kaféènì mọ́, ara ohun tí wọ́n rò ni pé kaféènì kì í jẹ́ kéèyàn mọ bí ọtí ṣe pa òun tó.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tàràmádọ̀ọ̀ àti kodíìnì. Àwọn yẹn kì í fa oorun nìkan, wọ́n ń dín èémí kù, kò sì sí ẹ́nájì dírìnkì tó lè bá èèyàn mí. Àwọn ọmọdékùnrin á máa pò ó mọ́ ẹ́nájì dírìnkì mu lóde àríyá, torí pé ojú ṣì là wọ́n á rò pé kò tíì wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á fi òmíràn lé e. Ó di òru, kaféènì ń lọ, èémí ń dínkù, wọ́n á ní ẹ fi í sílẹ̀ ó ń sùn ni. Tàràmádọ̀ọ̀ tún lè fa gìrì, nǹkan tó ń ta ara jí sì lè dá kún un. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń hanrun bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tẹ́ ẹ mì ín tí ò jí, tí èémí ẹ̀ ń pẹ́ kó tó tún wá, tí ètè tàbí èékánná ẹ̀ ti ń yí padà, ẹ pe 112, l'Ékòó 767 náà ń lọ. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èébì má bàa há a lọ́fun. Ẹ má da epo pupa, mílíìkì tàbí kọfí sí i lẹ́nu, ẹni tí ò jí ò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Ẹ mú páálí oògùn tó lò dání dé ọsibítù, wọ́n ní nálọ́sóònù níbẹ̀ tó ń ta ko irú oògùn yẹn, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Fún àwọn tó ń wakọ̀ tàbí tó ń lo ẹ̀rọ níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kẹ́ ẹ sọ kẹ́ ẹ tó sanwó oògùn: "Mo máa wakọ̀ lọ́la." Ẹni tó ń ta oògùn lè pààrọ̀ ẹ̀ fún yín, tàbí kó sọ pé ọ̀la yẹn, ẹlòmíì ni kó di sítíárì mú.